Ẹ̀jẹ̀ Tó Gba Ẹ̀bùrú

Ní àdúgbò tí mo dàgbà sí, bí ẹnì kan bá ṣàdédé bi ẹ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè nípa ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan á ní májèlé ni wọ́n fún un jẹ. Àwọn mìíràn á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní bóyá ó ti kó magùn. Mi ò bá wọn wí. Ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹni tó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ ní aago méje alẹ́, tí inú kò run ún, tí kò wúkọ́, lè dorí kọ garawa ní aago mẹ́jọ, kí ẹ̀jẹ̀ pupa àti ẹ̀jẹ̀ dúdú tó ti dì máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó bá wáyé báyìí, tí kò ní ìrora, tí kò ní àmì, ṣe ni yóò dà bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀ ẹni náà bá ti gbó, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ náà ti máa múra láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún sẹ́yìn. Ó ní ibi tó ti ń bọ̀, ó ní ìdí tó fi gba ibẹ̀, a sì lè rí i kó tó bẹ́. Ọ̀rọ̀ rírí i kó tó bẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ṣiṣẹ́ tán lára ìfun, agbẹ̀du àti ọlọ inú kì í padà sí ọkàn tààrà. Gbogbo rẹ̀ ló ń kó ara jọ sínú iṣan ńlá kan tí àwọn dókítà ń pè ní iṣan pọ́tà, iṣan yìí á sì gbé e wọ inú ẹ̀dọ̀, kí ẹ̀dọ̀ lè yẹ ohun tí a jẹ wò, kó mú èyí tó wúlò, kó pa oró inú rẹ̀. Nǹkan bí lítà kan àbọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló sì ń bá iṣan pọ́tà wọlé. Ẹ̀dọ̀ tó yá gágá dà bí kànìnkànìn tuntun: omi á gba inú rẹ̀ kọjá, kò ní tì í. Ẹ wá ro kànìnkànìn tí sìmẹ́ńtì ta sí, tó sì gbẹ. Omi ṣì lè gba inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ẹ ti omi náà gidigidi. Ohun tí sìrósìsì ń fi ẹ̀dọ̀ ṣe nìyẹn. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B tàbí C tó ti wà lára fún ogún ọdún, ọtí àmujù, ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀, èyíkéyìí nínú wọn lè máa ṣá ẹ̀dọ̀ lọ́gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọgbẹ́ á jinná, á di àpá, òmíràn á tún ṣẹ̀, títí tí àpá yóò fi gba gbogbo ẹ̀dọ̀.

Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ti le bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan pọ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí nọ́ọ̀sì ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ní apá yín kọ́ nìyí. Ti apá lè wà ní 110, kó dára bí ohun tó dára jù, kí ti inú iṣan pọ́tà sì ti kọjá ààlà. Ìwọ̀n méjèèjì kò jọra rárá. Ní ti iṣan pọ́tà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín agbára ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀ àti ti èyí tó ń jáde ni wọ́n ń wọ̀n, kì í sì í ju 1 sí 5 lọ lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Bó bá di 10, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó bá di 12, iṣan tó wú lè bẹ́. Nọ́ńbà kékeré ni, àmọ́ ààlà tó wà láàárín 10 àti 12 yìí ló ń ya ẹni tó lè sùn dáadáa sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó yẹ kó máa ṣọ́ra.

Kí ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣe nígbà tí ọ̀nà bá há? Ohun tí gbogbo awakọ̀ ń ṣe lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá pọ̀ ni: ó ń gba ẹ̀bùrú. Àwọn iṣan kéékèèké kan wà tó so ọ̀nà pọ́tà pọ̀ mọ́ ọ̀nà tó ń padà sọ́kàn láìgba inú ẹ̀dọ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, wọn kò ju ipa ẹsẹ̀ inú oko lọ. Òmíràn wà nítòsí ìdodo, òmíràn wà ní ìdí, òmíràn sì wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, níbi tí oúnjẹ ti ń já sínú agbẹ̀du. Tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipa ẹsẹ̀. Iṣan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú á wú, á lọ́, á di bí ìka ọwọ́ kékeré.

Ti ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun ló burú jù nítorí ibi tó wà. Abẹ́ awọ inú ọ̀fun gan-an ló sùn sí, kò sí ẹran tó di í mú, kò sí egungun tó tì í lẹ́yìn. Ẹ ti rí ọmọdé tó ń fẹ́ fèrè oníròbà. Bó ṣe ń fẹ̀ sí i ni awọ rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i, bó sì ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i ni atẹ́gùn díẹ̀ mìíràn ṣe lè bẹ́ ẹ. Nítorí náà kì í ṣe egungun ẹja ló ń ya iṣan náà, kì í sì í ṣe ẹ̀bà tó gbóná. Mo ti gbọ́ kí wọ́n dá ìyàwó lẹ́bi pé oúnjẹ tó sè ló fa ẹ̀jẹ̀. Agbára tó ń tì í láti inú ni. Iṣan tó tóbi, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì ń ru, máa bẹ́ bí olówó rẹ̀ bá tilẹ̀ sùn.

Bí ẹ bá kó 100 èèyàn tó ní sìrósìsì jọ, bí ìdajì wọn ni yóò ti ní irú iṣan wíwú bẹ́ẹ̀. Nínú 100 tó sì ní in, bíi 5 sí 15 ni yóò ṣẹ̀jẹ̀ láàárín ọdún kan bí wọn kò bá gba ìtọ́jú. Àwọn tí iṣan wọn tóbi, tí àmì pupa wà lára rẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ wọn sì ti rẹ̀ gan-an, ni wọ́n sún mọ́ 15. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dà, bíi 15 sí 20 nínú 100 ni kì í kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú ìtọ́jú òde òní. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò tí ì dà ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Mo fi ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn hun ún ni. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọ̀gá Mẹkáníìkì. Ọmọ ọdún 46 ni, Abẹ́òkúta ló ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó fẹ́ fún àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, wọ́n ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B wà nínú rẹ̀. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní 2018 fi hàn pé bíi 8 nínú 100 ọmọ Nàìjíríà ló ní kòkòrò yìí lára, nítorí náà kò dá wà. Ó mu àgbo fún oṣù kan, ara rẹ̀ le, ó gbàgbé. Lọ́dún tó kọjá ni rírẹ̀ ara bẹ̀rẹ̀, ikùn rẹ̀ lápá òsì sì ń wúwo. Ìyàwó rẹ̀ ló fi tipátipá mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun àkọ́kọ́ tó ta dókítà lólobó ni èsì ẹ̀jẹ̀ kan tó wọ́pọ̀, tí kò sì wọ́n. Àwọn wóró inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ọgbẹ́ dì, tí à ń pè ní pílétílẹ́ẹ̀tì, kò yẹ kó dín sí 150,000. Ti Ọ̀gá Mẹkáníìkì jẹ́ 82,000. Kí ló kan ẹ̀dọ̀ níbẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀ ti padà kún inú ọlọ inú, ọlọ inú ti wú, ó sì ń há àwọn wóró yìí mọ́ inú ara rẹ̀. Ìwúwo apá òsì ikùn rẹ̀ nìyẹn. Bí pílétílẹ́ẹ̀tì ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ bá ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, ó yẹ kí ẹnì kan bi í léèrè nípa ọ̀fun rẹ̀. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n ń gbé lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tó ń rọra lu ẹ̀dọ̀, tó sì ń sọ bó ṣe le tó. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣe ìpàdé tí wọ́n sọ ní orúkọ Baveno, ìlú kan ní Ítálì, fẹnu kò ní 2021 pé bí líle ẹ̀dọ̀ kò bá tó 20 lórí ẹ̀rọ náà, tí pílétílẹ́ẹ̀tì sì ju 150,000 lọ, kò pọn dandan láti wo inú ọ̀fun.

Ti ọkùnrin wa kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n ní kó gbààwẹ̀ láti alẹ́, kó wá ní àárọ̀. Wọ́n fín oògùn sí i lọ́fun kó lè kú, ó fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n sì ti okùn dúdú kan tó ní kámẹ́rà lórí gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ohun tí dókítà rí ni okùn ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta tó lọ́ gòkè láti ẹnu agbẹ̀du. Méjì fẹ̀ ju mílímítà 5 lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní ńlá, lára ọ̀kan nínú wọn sì ni àwọn ìlà pupa wà bí ìgbà tí ẹgba bá na ara ọmọ. Ìlà pupa yẹn ni ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́ jù.

Dókítà, obìnrin kan tí kò tíì tó ogójì ọdún, fi àwòrán náà hàn án. Ó ní, “Ọ̀gá, ọ̀nà méjì ló wà. A lè fi oògùn dín agbára ẹ̀jẹ̀ náà kù, a sì lè fi rọ́bà de iṣan náà. Ní ti ẹni tí kò tíì ṣẹ̀jẹ̀ rí, ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó.”

Oògùn ni wọ́n mú. Bó bá jẹ́ pé èmi ni, òun náà ni n bá mú, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Oògùn yìí kì í ṣe tuntun. Didier Lebrec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítòsí Paris ló kọ́kọ́ fi hàn, nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1981 lórí èèyàn 74, pé propiránólọ́ọ̀lù, oògùn ọkàn tí àwọn dókítà ti ń lò tipẹ́, ń dènà ẹ̀jẹ̀ kejì lára ẹni tó ti ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń dẹ ìlù ọkàn lọ́wọ́, kí ọkàn má tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde. Ó sì ń mú kí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun sún kì. Ẹ rántí pé bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń le, ńṣe ni àwọn iṣan ìfun yìí ń fẹ̀ sí i, tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i wá sẹ́nu ọ̀nà tó ti há. Oògùn náà kò ṣí ẹ̀dọ̀. Ó dín iye ọkọ̀ tó ń bọ̀ kù ni. Èyí tí wọ́n sábà máa ń yàn lónìí ni àbúrò rẹ̀, kafedílọ́ọ̀lù, tó tún ń dẹ ọ̀nà inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ díẹ̀. Rọ́bà ò kan agbára ẹ̀jẹ̀ rárá. Iṣan tó bá rí nìkan ló ń dè, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì wá ẹ̀bùrú mìíràn lọ, kò mọ̀.

Mílígírámù 6.25 ni Ọ̀gá Mẹkáníìkì fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ apá rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ jù, wọ́n sọ ọ́ di 12.5, ibẹ̀ ni wọ́n sì dúró sí. Propiránólọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, ìlù ọkàn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: wọ́n á máa fi kún un títí ìlù ọkàn yóò fi wà láàárín 55 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan. Dókítà kọ́ ọkùnrin wa bí yóò ṣe fi ìka méjì sí ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, tí yóò sì máa wo aago. Ó jẹ́ 84 tẹ́lẹ̀, ó di 62. Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni kí ẹ̀jẹ̀ apá rẹ̀, nọ́ńbà òkè, má dín sí 90, kí òòyì má kọ́ ọ tó bá dìde. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée tí a ń pè ní àsímà kò gbọ́dọ̀ lò ó, nítorí ó lè há a ní èémí; irú wọn ni wọ́n máa ń fi rọ́bà dè. Wọ́n tún fún un ní oògùn tó ń ki kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ náà mọ́lẹ̀, nítorí bí ohun tó ń ṣá ẹ̀dọ̀ lọ́gbẹ́ bá dáwọ́ dúró, àpá náà lè rọ̀ díẹ̀ láàárín ọdún bíi mélòó kan, kí ẹ̀jẹ̀ ríru inú iṣan pọ́tà sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ni ó fi lò ó. Kò sì sí nǹkan kan tó ṣe é, àyàfi pé irin wúwo kò rọrùn fún un mọ́ láti gbé. Ọjọ́ tí oògùn tán, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ẹni tó ń tà á wo páálí náà, ó fi ẹ̀rọ wọn apá rẹ̀, ó rí 108, ó sì ya ẹnu: “Ẹ̀gbọ́n, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìyí. Ẹ̀jẹ̀ yín ò ru. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa mu ún?” Inú Ọ̀gá Mẹkáníìkì dùn pé òun ti rí owó fi pamọ́. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, wọ́n sì ta oògùn ara ríro fún un, irú ibupurófẹ́ẹ̀nì yẹn. Àṣìṣe méjì ló ṣe lójú kan náà. Bí a bá dá oògùn tó ń dẹ ọkàn dúró lójijì, agbára ẹ̀jẹ̀ inú pọ́tà á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ibupurófẹ́ẹ̀nì àti dikilofẹ́náàkì ní tiwọn ń jẹ awọ inú agbẹ̀du, wọ́n ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, wọ́n sì ń ṣe kíndìnrín ẹni tó ní sìrósìsì léṣe. Parasitamọ́ọ̀lù, tí kò bá ju gírámù 2 lọ lójúmọ́, ló yẹ fún un.

Bí oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, ìgbẹ́ rẹ̀ di dúdú bí ọ̀dà, ó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ṣálángá, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ó rò pé ewédú ni. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó bá gba inú ìfun kọjá máa ń dúdú, ó sì máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún náà lè mú kí ìgbẹ́ dúdú, àmọ́ kì í lẹ̀ bí ọ̀dà, kì í sì í ní òórùn yẹn. Ká ní ọjọ́ yẹn ló lọ sí ilé ìwòsàn ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ló bi ẹ̀jẹ̀ sí garawa.

Ìyàwó rẹ̀ mọ ohun kan ṣe: kò fún un ní omi mu, kò bu epo pupa sí i lẹ́nu, ó fi í dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ̀jẹ̀ má baà gba ọ̀nà èémí, ó sì pe ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ìlù ọkàn rẹ̀ jẹ́ 124, ẹ̀jẹ̀ apá rẹ̀ jẹ́ 86, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní pí-sí-fí sì jẹ́ 19. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá méjì sí i lápá, wọ́n fún un ní omi àti ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí pí-sí-fí dé 23, wọ́n dáwọ́ ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fárígá: “Ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀ tí a ti san owó rẹ̀, ẹ fà á fún un kó kún!” Mo mọ̀ pé bí ó ṣe rí lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kún inú iṣan dé ẹnu, agbára inú pọ́tà á gòkè, ojú ibi tó fẹ́ dì á tún là. Ìwádìí kan ní Barcelona lórí èèyàn 921 tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láti òkè ìfun, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, fi hàn pé àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kìkì nígbà tí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn bá lọ sílẹ̀ gan-an, ló yè jù: 95 nínú 100 ló wà láàyè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tí ti àwọn tí wọ́n fún ní púpọ̀ jẹ́ 91.

Wọ́n tún gbé oògùn kan sí inú iṣan rẹ̀ lọ́gán, kí wọ́n tó mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jò pàápàá. Òun ló ń mú kí iṣan ìfun sún kì kíákíá, ọjọ́ méjì sí márùn-ún ni wọ́n sì fi ń lò ó. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àrùn. Èyí máa ń ya èèyàn lẹ́nu, nítorí ibà kò mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlẹ́dọ̀ líle bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kòkòrò inú ìfun á rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀jẹ̀, àrùn náà sì lè pa á lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti dá. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ díẹ̀ yìí gba ẹ̀mí là bí ohunkóhun mìíràn nínú ìtọ́jú náà.

Láàárín wákàtí méjìlá, wọ́n ti okùn oníkámẹ́rà wọlé, ọ̀tẹ̀ yìí pẹ̀lú rọ́bà lórí. Ẹ mọ rọ́bà tí àwọn ìyá ọjà fi ń di owó? Irú rẹ̀ ni, àmọ́ ó kéré ju òrùka ọmọ ọwọ́ lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú rẹ̀ ni Greg Stiegmann, dókítà iṣẹ́ abẹ ní Denver ní Amẹ́ríkà, ní 1986, ara jẹ̀díjẹ̀dí ló sì ti kọ́ ọ: àwọn dókítà ti ń fi rọ́bà de kókó ìdí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ronú pé iṣan tó wú lọ́fun àti èyí tó wú ní ìdí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìkòkò ṣíṣófo kékeré kan wà lórí okùn náà, tí wọ́n na rọ́bà bíi mẹ́fà yí ìta rẹ̀ ká. Dókítà á gbé e sórí iṣan tó wú, á fa atẹ́gùn, iṣan náà á yọ wọ inú ìkòkò bí ìgbà tí ẹ bá fi ẹnu fa ojú àgbálùmọ̀, ìwo ọ̀wọ́ á yí, rọ́bà kan á sì já lé e lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá mọ́. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀fun ti pàdé agbẹ̀du, wọ́n á máa yí gòkè. Márùn-ún ni wọ́n lò fún un lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ sì dá.

Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó ti tán. Ohun tí rọ́bà dè á kú, á já bọ́ lẹ́yìn bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, á sì fi egbò sílẹ̀. Egbò yìí lè ṣẹ̀jẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ kejì, òun ló sì fi jẹ́ pé rọ́bà, tó ń gbani, lè ṣe èèyàn léṣe pẹ̀lú. Wọ́n ní kó máa mu ògì àti àmàlà tó rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kó yẹra fún ẹran líle. Àyà dùn ún ní ọjọ́ méjì, ìyẹn wọ́pọ̀. Bí ìgbẹ́ dúdú bá padà lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó gbọ́dọ̀ padà wá lójú ẹsẹ̀. Kò padà.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, wọ́n dá kafedílọ́ọ̀lù padà fún un. Fún ẹni tó ti ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan kò tó mọ́: rọ́bà àti oògùn jọ ń rìn ni, nítorí bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, bíi 60 nínú 100 irú wọn ló máa tún ṣẹ̀jẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Rọ́bà á pa iṣan tó wà, oògùn á dí òmíràn lọ́wọ́ láti yọ. Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n de mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn, wọ́n de méjì. Nígbà kẹrin tó wá, iṣan kan kò hàn mọ́.

Àwọn kan wà tí èyí kò tó fún. Bí iṣan tó wú bá wà nínú agbẹ̀du fúnra rẹ̀, rọ́bà kì í sábà dè é dúró, àtè pàtàkì kan ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún wọ inú rẹ̀ kó lè dí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá, wọ́n lè ti bàlúù kan sọ́fun kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kì í sì í gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ kó má baà jẹ ara. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń wá dókítà tó lè la ọ̀nà tuntun sínú ẹ̀dọ̀ gan-an, kó fi páìpù kékeré so iṣan pọ́tà mọ́ iṣan tó ń jáde. Iṣẹ́ yẹn gbówó lórí, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lórílẹ̀-èdè wa kò sì pọ̀.

Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn tí iṣan pòórá, Ọ̀gá Mẹkáníìkì tún padà wá fún àyẹ̀wò. Ìlù ọkàn rẹ̀ jẹ́ 58, ó ti kà á nínú ọkọ̀ kó tó wọlé. Iṣan kékeré kan ti tún yọjú ní apá òsì. Wọ́n fi rọ́bà kan dè é, wọ́n dá ọjọ́ mìíràn fún un, ó sì mu ògì fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó padà sí ṣọ́ọ̀bù.